Wọ́n ní tréníì ni mí, oṣù kọkànlá rèé: ṣé ìkọ́ṣẹ́ ni àbí iṣẹ́?

Àríkẹ́_Àpáta
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́. Mo ṣe HND Àkáǹtì, mo sìnlú tán, ni mo bá rí àyè ní kọ́ńpáànì kan tó ń pín ohun mímu ní Olúyọ̀lé. Wọ́n ní tréníì àkáǹtì ni wọ́n gbà mí sí, oṣù mẹ́ta, kò sówó oṣù, ₦15,000 owó mọ́tò ni wọ́n á máa fún mi, tí mo bá ṣe dáadáa wọ́n á fún mi ní lẹ́tà iṣẹ́. Oṣù kejì 2025 la bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, mi ò ní purọ́, wọ́n kọ́ mi. Àǹtí kan wà ní àkáǹtì tó máa ń jẹ́ kí n jókòó tì í, á ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé mi kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, tí mo bá ṣì í á fi bírò pupa fa ìlà sí i, á ní ó yá, tún un ṣe. Ìparí oṣù kẹrin ni àǹtí yẹn fiṣẹ́ sílẹ̀. Látọjọ́ náà wọn ò gba ẹlòmíì. Èmi ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ fún, èmi ni mò ń tẹ gbogbo ìnífóìsì, èmi ni mò ń gbówó lọ sí báǹkì ní Dùgbẹ̀, tó bá di ìparí oṣù èmi ni mo máa ń dúró títí aago mẹ́jọ alẹ́ kí owó inú ìwé àti owó báǹkì tó bára mu. Oṣù keje mo béèrè lẹ́tà mi, wọ́n ní àwọn ti sún ìkọ́ṣẹ́ mi síwájú. Ẹni tó ń kọ́ mi ò sì sí mọ́! Tí mo bá dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, ₦500 ni wọ́n ń yọ nínú owó mọ́tò yẹn.

Ní báyìí mo ti ríṣẹ́ sí Bódìjà. Mo sọ fún mánéjà, ó ní mo ti fọwọ́ sí i pé tí mo bá kúrò kí ọdún kan tó pé n óò san ₦200,000 owó ìkọ́ṣẹ́, pé tí mi ò bá san án òun á fi ọlọ́pàá gbé mi. Ojúlówó sátífíkéètì mi wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí mo fọwọ́ sí náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò kì í ṣe òṣìṣẹ́, mi ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sówó oṣù. Ṣé mo ti jẹ gbèsè nìyẹn? Àbí mo lè béèrè owó kankan lọ́wọ́ wọn?

Bàbá_Téélọ̀_Bẹẹrẹ
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Téélọ̀ ni mí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gba ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kì í gbowó oṣù. Òbí ẹ̀ ló ń mú un wá, a ó kọ àdéhùn, wọ́n á sanwó ìkọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́ta, tó bá ṣe fírídọ̀mù tán kó máa lọ. Bó ṣe ń kọ́ṣẹ́ náà ló ń gbálẹ̀ tó ń lọ aṣọ oníbàárà, èmi ni mo sì ń gbowó aṣọ yẹn, kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ. Ìwé tó o fọwọ́ sí, o ti fọwọ́ sí i. Mú àgbàlagbà kan dání, ẹ lọ bẹ mánéjà yẹn kó din owó náà kù.

Ìyá_Ìbejì_Mókọ́lá
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ò ṣì sọ. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ ni. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń fi bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ hàn án, bó bá fi lè sá lọ lónìí ṣọ́ọ̀bù yín ò ní tì, ẹ ó ṣì rán aṣọ tẹ́ ẹ gbà. Tí Àríkẹ́ ò bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, ta ló máa tẹ ìnífóìsì? Ta ló ń kọ́ ọ látoṣù karùn-ún? Wọ́n fi í dí àlàfo ẹni tó kúrò ni, wọ́n sì fowó oṣù ẹni yẹn sápò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Táyọ̀_Pólì
Ẹ jọ̀ọ́ èmi náà ní irú ẹ̀. IT ni mò ń ṣe ní Ríńgì Róòdù, oṣù kẹta rèé, ọ̀gá mi ò fún mi ní kọ́bọ̀. Mo gbọ́ pé ₦2,500 lóṣooṣù ni gọ́ọ̀mẹ́ǹtì ń san, ìyẹn náà mi ò tíì rí i. Ṣé mo lè pe ọ̀gá mi lẹ́jọ́ bíi ti àǹtí yìí?

Akin_Gééètì
Àríkẹ́, má bẹ ẹnikẹ́ni. Lébọ̀ Áàtì sọ ọ́ pé téèyàn bá ti lo oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́, ó ti di òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn, bóyá wọ́n fún un ní lẹ́tà bóyá wọn ò fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta o ti wọlé. Gbogbo owó oṣù mọ́kànlá ni kó o gbà.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Mo ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ́fíìsì lébọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, irú fáìlì báyìí sì gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Àbúrò mi Akin, ohun tó o sọ súnmọ́ òótọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà. Abala 7 nínú Lébọ̀ Áàtì ló dárúkọ oṣù mẹ́ta. Ohun tó sọ ni pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un níwèé tó ń sọ orúkọ ẹni tó gbà á, irú iṣẹ́ tó jẹ́, iye owó àti bí wọ́n á ṣe máa san án. Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sọ pé oṣù mẹ́ta á ṣàdédé sọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ di òṣìṣẹ́. Tí Àríkẹ́ bá gbé ìyẹn lọ síwájú lọ́yà kọ́ńpáànì, wọ́n á já a láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó máa gbe Àríkẹ́ nìyí. Nílùú wa, mi ò mọ òfin kankan tó ní kéèyàn má gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láìsanwó fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n bá fún nǹkan kọ́ ni Náṣánà Indọ́stríà Kóòtù, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, máa ń wò, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wò. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, gbé ìmọ̀ràn kan jáde ní 2006, nọ́ńbà 198, lórí bá a ṣe lè mọ̀ pé ẹnì kan jẹ́ òṣìṣẹ́. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, àmọ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí kọnsitítúṣọ̀n ní 2010 fún kóòtù yìí láyè láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbàáyé, wọ́n sì ń lò ó. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn ò ṣòro: ta ló ń pàṣẹ iṣẹ́ yẹn? Ta ló ń jẹ èrè ẹ̀? Ṣé iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ ò lè ṣàìṣe? Ṣé aago kan wà tó gbọ́dọ̀ dé? Irinṣẹ́ ta ló ń lò? Kódà ìmọ̀ràn yẹn dárúkọ owó mọ́tò tí agbanisíṣẹ́ ń san gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àmì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé pé "kì í ṣe òṣìṣẹ́" kò parí ẹjọ́. Kóòtù á kà á, á sì tún wo kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn.

Bàbá Téélọ̀, ẹ má bínú. Òfin wa mọ ìkọ́ṣẹ́ bíi tiyín, ó ṣe àyè fún un. Àmọ́ ìkọ́ṣẹ́ ní ẹni tó ń kọ́ni, ó ní ohun tí wọ́n ń kọ́, ó sì ní ọjọ́ tó máa parí. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ Àríkẹ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Látoṣù karùn-ún kò ní ìkankan.

Táyọ̀, tìẹ yàtọ̀ pátápátá, má dà á pọ̀ mọ́ ti Àríkẹ́. SIWES, ìyẹn IT tó ò ń ṣe yẹn, wà lára ẹ̀kọ́ ẹ, ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1973, ilé ẹ̀kọ́ ẹ ló rán ẹ lọ, lẹ́yìn tó o bá kúrò níbẹ̀ ni wọ́n sì máa ń san ₦2,500 yẹn lápapọ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Owó yẹn kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ, gọ́ọ̀mẹ́ǹtì ló ń san án. Rí i pé wọ́n ń fọwọ́ sí lọ́ọ̀gbúùkù ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí fọ́ọ̀mù ẹ sì dé ọ́fíìsì ITF, torí láìsí ìyẹn orúkọ ẹ ò ní sí nínú àwọn tó máa gbowó.

Àríkẹ́, nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó sọ síwájú. Èèyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ tó fi hàn pé o ṣe iṣẹ́ yẹn? Ní ti ₦200,000, ṣé wọ́n rán ẹ lọ síbi kankan lọ kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sanwó fún?

Táyọ̀_Pólì
Ẹ ṣeun sà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni n óò wá sùpáfáísà mi lọ nítorí fọ́ọ̀mù yẹn.

Ọ̀gá_Ṣólà_Bódìjà
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ní ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án la wà. Mo máa ń gba ọmọ méjì lọ́dún pé kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ sólà, mi ò sì lágbára àtisan owó oṣù fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn so wáyà bátìrì ní òdìkejì, inífátà oníbàárà jóná, èmi ni mo ra òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ ni mò ń náwó. Tẹ́ ẹ bá ní gbogbo ẹni tó bá ti fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà ti di òṣìṣẹ́, n óò kàn ṣíwọ́ àtigba ọmọ ni, níbo ni wọ́n á ti wá kọ́ ọ? Kò dùn mọ́ mi nínú bí wọ́n ṣe ṣe Àríkẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀bẹ kan náà gé gbogbo wa.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Ọ̀gá Ṣólà, òótọ́ lẹ sọ, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣíwọ́. Fífọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà kọ́ ló ń sọ ọ́ di òṣìṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe máa kọ́ ọ láìfọwọ́ kan án? Ẹ wò ó báyìí. Tí ọmọ méjèèjì bá gun òrùlé, ṣé onímọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń sọ ìdí tí wáyà yìí fi ń lọ síbí? Tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan, ṣé ẹ ó rán àwọn ọmọ yẹn lọ dá ṣe méjì níbẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa sanwó fún ẹlòmíì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkọ́ṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti ń fi wọ́n sínú ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, tí ara yín ń gbọ̀n tí ọ̀kan bá ní òun ṣàìsàn, ó ti kọjá ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí sanwó.

Ọ̀gá_Ṣólà_Bódìjà
Èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn mú mi. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ti ń dá lọ láti oṣù kẹsàn-án. N óò jókòó pẹ̀lú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Múfú_Ọ̀jọ́ọ̀
Ẹ bá mi fi èyí kún un, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sunkún nítorí ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì ní békìrì kan. Iyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀rọ tó ń po ó, ẹ̀rọ ṣì ń yí, wọ́n pariwo pé kó ha á kíá torí ilé àdìrò ti gbóná, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka méjì gé lọ. Ọ̀gá békìrì gbé e lọ ọsibítù, ó san owó ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, pé kí ìyá ẹ̀ máa bá ìyókù lọ. Ohun táwa gbà gbọ́ nìyẹn, a san án. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Múfú, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì dùn mí. Òfin tó ń rí sí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti 2010, nígbà tó ń sọ ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́, ó dárúkọ ẹni tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ síbẹ̀ gbangba. Nínú òfin yẹn, kò sí pé "ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni". Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ sí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yẹn, nítorí irú ọjọ́ yẹn. Ẹni tó fara pa, tàbí èèyàn ẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Wọ́n sì fún ẹni tó fara pa ní ọdún kan láti béèrè. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?

Múfú_Ọ̀jọ́ọ̀
Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Ó kù oṣù díẹ̀ kó pé ọdún kan nìyẹn. Ẹ má dúró. Ẹ kó káàdì ọsibítù, rìsíìtì owó tẹ́ ẹ san, àti fọ́tò ọwọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì NSITF. Tí békìrì yẹn ò bá tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ wá.

Àríkẹ́_Àpáta
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Èsì ìbéèrè yín rèé.

Èèyàn: ní Olúyọ̀lé mọ́kàndínlógún ni wá. Àmọ́ kọ́ńpáànì ní dẹ́pò ní Ìwó Róòdù tó ní èèyàn mẹ́jọ, àti òmíràn ní Àpáta tó ní mẹ́rin. Èmi ni mo ń to orúkọ wọn sínú ìwé owó oṣù, ìdí tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi: owó mọ́tò yẹn, àkáǹtì kọ́ńpáànì ló ń ti wá, TRAINING STIPEND ló ń hàn lórí fóònù mi. Mo ní ọ̀pọ̀ mẹ́séèjì mánéjà lórí Wáásáàpù, bíi "Àríkẹ́ má lọ ilé o, owó ọjọ́ Jímọ̀ ò tíì bára mu", "Àríkẹ́ ìwọ lo máa wà ní káńtà ní Sátidé". Ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, mo ya fọ́tò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n kọ orúkọ mi sábẹ́ "Àkáǹtì", ẹnì kan ṣoṣo. Wọn ò rán mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Àǹtí yẹn nìkan ló kọ́ mi.

Àní kí n tún béèrè: ṣé kí n wọ kọ̀ǹpútà lọ́la kí n kó gbogbo ìnífóìsì tí mo ti tẹ̀ sínú fláàṣì?

Akin_Gééètì
Kó o kíá kí wọ́n tó tì ẹ́ síta!

Ìyá_Ìbejì_Mókọ́lá
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Orúkọ oníbàárà àti iye tí wọ́n rà ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á ní olè ni. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìwọ fúnra ẹ ni kó o tọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Ìyá Ìbejì sọ ọ́ tán. Mẹ́séèjì tí wọ́n kọ sí ẹ, fọ́tò ètò iṣẹ́, sítétímẹ́ǹtì báǹkì láti oṣù kejì dé oṣù kejìlá, ìyẹn ti tó. Lọ gba sítétímẹ́ǹtì náà ní báǹkì kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, má fi sikirínṣọ́ọ̀tù nìkan ṣe é. Kó mẹ́séèjì Wáásáàpù yẹn jáde látìbẹ̀rẹ̀ dópin, má yan èyí tó dùn mọ́ ẹ nìkan, kó o sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara ẹ kí fóònù má lọ sọnù.

Ní ti ₦200,000: ibi tí kóòtù ti máa ń gbè lẹ́yìn agbanisíṣẹ́ lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ti náwó gidi lórí ẹ̀kọ́, bí awakọ̀ òfúrufú tí wọ́n rán lọ sókè òkun, tí àsìkò tí wọ́n dá fún un sì mọ́gbọ́n dání. Bi wọ́n pé kí wọ́n fi rìsíìtì ẹ̀kọ́ tí wọ́n san hàn. Àǹtí tí wọ́n ń san owó oṣù ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ́ ẹ, kí ni wọ́n ná?

Ní ti ọlọ́pàá: òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Tí wọ́n bá pè ẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìyágankú, lọ, mú lọ́yà tàbí àgbàlagbà dání, kó o sọ pé ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Má fọwọ́ sí ìwé kankan pé o máa san.

₦500 tí wọ́n ń yọ: abala 5 Lébọ̀ Áàtì ò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́, kódà bí òṣìṣẹ́ bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ìdíwọ̀n ẹ̀. Àwọn tí òfin yẹn pè ní òṣìṣẹ́ ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé, ó yọ àwọn tó wà nípò àṣẹ àti onímọ̀ iṣẹ́ kúrò. Lọ́yà wọn lè sọ pé iṣẹ́ onímọ̀ ni àkáǹtì. Títẹ ìnífóìsì àti gbígbówó lọ báǹkì, iṣẹ́ akọ̀wé lèmi pè é.

Adé_Lọ́yà_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Lọ́yà ni mí, mi ò tíì pẹ́ nídìí ẹ̀. Mo fara mọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, àyàfi kí Àríkẹ́ má tíì fọkàn sí ₦70,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù. Òfin owó oṣù tó kéré jù, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024, ò kan ilé iṣẹ́ tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 25. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n ní Olúyọ̀lé. Lọ́yà wọn á jà á pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Agbanisíṣẹ́ kan náà, ìwé owó oṣù kan náà, ọ̀gá kan náà. Mọ́kàndínlógún, mẹ́jọ, mẹ́rin, 31 nìyẹn. Èmi á kà wọ́n pọ̀.

Adé_Lọ́yà_Kékeré
Èmi náà á jà á bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni mo dúró fún un. Mo kàn ń sọ pé kó má kọ ₦70,000 nìkan sínú lẹ́tà. Kó kọ méjèèjì: ₦70,000 tó jẹ́ ti òfin, tàbí kí wọ́n san owó tó tọ́ sí iṣẹ́ tó ṣe. Ìyẹn kejì ò ní í ṣe pẹ̀lú 25. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ èèyàn tó sì jẹ èrè ẹ̀, kóòtù lè ní kó san ohun tó tọ́. Ohun tí wọ́n ń san fún àǹtí tó lọ ni kó fi wọ̀n ọ́n. Àríkẹ́, èló ni wọ́n ń fún un?

Àríkẹ́_Àpáta
₦85,000. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi.

Akin_Gééètì
Ó yá, oṣù mọ́kànlá lọ́nà ₦70,000, ₦770,000 nìyẹn. Yọ ₦165,000 owó mọ́tò kúrò, ₦605,000. Jẹ́ kí wọ́n san án.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Má ka oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ ọn, Akin. Àríkẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé wọ́n kọ́ òun. Tó bá béèrè fún un, gbogbo ìyókù á dà bí irọ́ lójú ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Oṣù karùn-ún dé oṣù kejìlá ni kó gbá mú, oṣù mẹ́jọ. ₦70,000 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ ₦560,000. Èló ló wọ àkáǹtì ẹ nínú oṣù mẹ́jọ yẹn gan-an, Àríkẹ́? Má fi ₦15,000 ṣe é, torí wọ́n ti yọ ìtanràn.

Àríkẹ́_Àpáta
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò ó tán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún ni wọ́n yọ ₦500, ₦11,500 nìyẹn. ₦108,500 ló wọlé.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
₦451,500 ló kù nìyẹn. Tó bá jẹ́ ti ₦85,000 ni, ₦680,000, yọ ₦108,500, ₦571,500. Kọ méjèèjì síbẹ̀ bí Adé ṣe wí.

Bàbá_Téélọ̀_Bẹẹrẹ
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀. Ọmọ mi, gbàgbé ohun tí mo sọ lórí ìwé tó o fọwọ́ sí. Èmi ò mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ ẹ ti kúrò tipẹ́. Ọ̀gá tí kò sí nídìí ẹ̀rọ, kí ló ń kọ́ ọmọ? Àmọ́ kó o ṣì mú àgbàlagbà dání.

Ẹ̀gbọ́n_Lébọ̀
Ẹ ṣeun, Bàbá. Àríkẹ́, bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Lẹ́tà kan ni, má jẹ́ kó ju ojú ewé méjì lọ. Sọ ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tó ń kọ́ ẹ kúrò, iṣẹ́ tó o ti ń ṣe láti ìgbà náà, iye tó wọlé, iye tó kù. Béèrè sátífíkéètì ẹ níbẹ̀, kó o sì dá ọjọ́ fún un, torí nǹkan ìní ẹ ni, kì í ṣe ohun ìdógò. Fún wọn ní nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí abala 11 Lébọ̀ Áàtì sọ nìyẹn fún ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì. Tó o bá kàn lọ láìsọ̀rọ̀, wọ́n á ní o sá. Ẹ̀dà méjì ni kó o tẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí èkejì kó wà lọ́wọ́ ẹ. Má bú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀.

Tí ọjọ́ tó o dá bá kọjá láìsí èsì, gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkọ̀làbà. Wọ́n á kọ̀wé pe kọ́ńpáànì wá jókòó. Mi ò ní tàn ẹ́, àwọn kan máa ń kọ̀ láti wá, agbára àtifi ipá gbowó lọ́wọ́ wọn ò sí lọ́wọ́ ọ́fíìsì yẹn. Nígbà náà ló máa kan Náṣánà Indọ́stríà Kóòtù, wọ́n ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbí. Ibẹ̀ ni wàá ti nílò Adé tàbí ẹlòmíì.

Adé_Lọ́yà_Kékeré
Kọ mí sí ínbọ́ọ̀sì, n óò bá ẹ ka lẹ́tà yẹn kó o tó fi lé wọn lọ́wọ́. Mi ò ní gbowó ìyẹn.

Àríkẹ́_Àpáta
*ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà*
Ẹ káàsán o. Mo ti fún wọn ní lẹ́tà lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bá mi lọ. Ọmọbìnrin tó wà ní gbàgede ò kọ́kọ́ fẹ́ lu òǹtẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó, wọ́n ní àwọn ò kánjú, ló bá lù ú. Mánéjà pè mí ní ìrọ̀lẹ́, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. Kò dárúkọ ọlọ́pàá mọ́, kò dárúkọ ₦200,000. Ó ní kí n wá gba sátífíkéètì mi lọ́jọ́bọ̀, pé wọ́n á fún mi ní ₦100,000 "fún ìtura", àmọ́ kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé mi ò ní béèrè nǹkan kan mọ́.

Mo lọ lónìí. Mo gba sátífíkéètì, mo yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ni. Ìwé yẹn, mo ní mo fẹ́ mú un lọ sílé kí n kà á, wọ́n ní rárá, ibẹ̀ ni kí n ti fọwọ́ sí i. Mi ò fọwọ́ sí i. Ọkàn mi ń ṣiyè méjì báyìí, torí ₦100,000 ò kéré lójú mi.

Ìyá_Ìbejì_Mókọ́lá
Ọlọ́run ṣeun tí sátífíkéètì ti wà lọ́wọ́ ẹ. Tó bá jẹ́ èmi, n óò gba ₦100,000 yẹn, n óò bá tèmi lọ. Ẹjọ́ ń jẹ àsìkò.

Adé_Lọ́yà_Kékeré
Má tíì gbà á, má sì tíì kọ̀ ọ́. Kọ̀wé padà sí wọn pé o ti gbọ́, kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé yẹn ránṣẹ́ sí ẹ kó o kà á, kó o sì dárúkọ iye tó o lè gbà tí ọ̀rọ̀ fi máa parí. Èmi á sọ ₦350,000. Tí wọ́n bá dákẹ́ títí ọjọ́ Ẹtì, a pàdé ní Ìkọ̀làbà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí dání.